Géèmù Tó Ń Kọsẹ̀ Nílé Wa: Bí Mo Ṣe Mọ Ẹni Tó Jẹ̀bi

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà họlidé tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ń múra ìdánwò Jáńbù sílẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní alaalẹ́, láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́sàn-án. Àsìkò yẹn gan-an ni géèmù bọ́ọ̀lù tí mò ń gbá lórí láàpútọ́ọ̀pù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Àwòrán á dúró gbagidi, á tún fò síwájú lójijì, bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́sẹ̀ mi á ti wà nínú nẹ́ẹ̀tì mi. Nígbà míì, á kàn já pátápátá. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tán. Àwọn náà ní èmi ni mò ń ba kíláàsì àwọn jẹ́. Bàbá wa wá ní tí òun bá tún gbọ́ ariwo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa pa ráútà, kí kálukú lọ sùn. Bí wọ́n bá pa ráútà, kíláàsì Jáńbù lọ nìyẹn o! Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí n wọ̀n ọ́n dípò kí n máa pariwo.

Irú géèmù wo la ń sọ?

Géèmù kíláòdù ni. Láàpútọ́ọ̀pù ilé wa ti dàgbà, kò lè gbé géèmù ńlá. Nínú géèmù kíláòdù, kì í ṣe láàpútọ́ọ̀pù rẹ ló ń ṣiṣẹ́ géèmù náà rárá. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní sáfà, ló ń yàwòrán pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti bọ́ọ̀lù. Ó ń ya 60 àwòrán láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ bí ìgbà tí èèyàn ń wo fíìmù. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, títẹ̀ yẹn á rìn lọ bá sáfà, sáfà á gbé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù rẹ, àwòrán tuntun á wá padà wá bá ọ.

Nítorí náà, gbogbo bọ́tìnì tí o bá tẹ̀ ló ní àlọ àti àbọ̀. Àwòrán 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan túmọ̀ sí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 17 mílísẹ́kọ́ńdì péré láti dé. Ẹ rántí pé 1,000 mílísẹ́kọ́ńdì ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan. Tí àwòrán kan bá pẹ́ lọ́nà, ojú rẹ á rí i pé géèmù kọsẹ̀.

Kí àwòrán tó dára níwọ̀nba tó lè wọlé, géèmù tèmi ń béèrè nǹkan bíi 10 mẹ́gábíìtì ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, nítorí náà 10 mẹ́gábíìtì jẹ́ 1.25 mẹ́gábáìtì. Ẹ fi 3,600 sẹ́kọ́ńdì lọ́nà rẹ̀, ẹ máa rí 4,500 mẹ́gábáìtì, ìyẹn 4.5 gíìgì fún wákàtí kan. Ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra dátà, kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí fíìmù kì í kọsẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lójú rú nìyí. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, àbúrò mi ń wo bèbí aláwòrán lórí fóònù Màmá wa, kò sì kọsẹ̀ rí. Mo ní, "Ṣebí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dáa yìí, kí ló wá ń ṣe tèmi?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi nílé wa. Tí omi ẹ̀rọ bá ń dé díẹ̀díẹ̀, a máa ń gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá dáwọ́ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù kò ní mọ̀. Fíìmù ní dúrọ́ọ̀mù. Fóònù á ti kó ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdì fíìmù náà pa mọ́ ṣáájú, kó o tó wò ó. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọsẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì méjì, á máa bu nínú èyí tó ti kó pa mọ́.

Géèmù kò lè ní dúrọ́ọ̀mù. Sáfà kò lè ya àwòrán sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá tó ń bọ̀, torí pé ìwọ gan-an kò tíì tẹ bọ́tìnì tí yóò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi lo ti ń mu ún tààrà. Tí omi bá dúró, ọ̀fun rẹ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "fíìmù ń ṣeé wò" kò fi jẹ́ ẹ̀rí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára fún géèmù. Bí sáfà kò bá sì gbúròó rẹ fún sẹ́kọ́ńdì mélòó kan, á gbà pé o ti lọ, á ti ilẹ̀kùn. Òun la máa ń rí tí géèmù bá já.

Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ń sọ pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa" bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní wà láàárín láàpútọ́ọ̀pù rẹ àti ráútà tó wà nínú ilé, òun ni Wái-Fái. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ráútà lọ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ládùúgbò, títí dé ọ̀dọ̀ sáfà. Kó o tó tún nǹkan kan ṣe, mọ ọ̀nà tó bàjẹ́ ná. Ẹni tí kòtò wà lẹ́nu géètì rẹ̀, tó wá ń bú ìjọba nítorí títì márosẹ̀, àṣedànù ló ń ṣe.

Kò sí owó nínú àyẹ̀wò yìí. Lórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ ṣí ojú ewé dúdú tó ń jẹ́ Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
ipconfig
```

Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ `Default Gateway` sí. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ni àdírẹ́sì ráútà yín. Tiwa jẹ́ 192.168.8.1. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ méjèèjì yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

```
ping -n 50 192.168.8.1
ping -n 50 8.8.8.8
```

Èkíní ń ké sí ráútà nígbà 50, ó sì ń wo bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó. Ọ̀nà Wái-Fái nìkan ló ń wọ̀n. Èkejì ń ké sí kọ̀ǹpútà kan tó wà níta, ó ń gba ọ̀nà méjèèjì kọjá. Ní ìparí, ẹ máa rí `Maximum` tó jẹ́ ìdáhùn tó pẹ́ jù lọ, `Average` tó jẹ́ ìwọ̀n àárín, àti `Lost` tó jẹ́ iye ìpè tí kò rí ìdáhùn. Tí èkíní bá dáa tí èkejì bá burú, ìta ni ẹjọ́ wà. Tí èkíní fúnra rẹ̀ bá ti burú, ẹ má tíì bú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú ilé yín ni ẹjọ́ wà.

Ẹjọ́ kìíní: ògiri àti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n

Ọ̀sán ni mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti yàrá mi, ìpè sí ráútà ní ìwọ̀n àárín 47 mílísẹ́kọ́ńdì. Èyí tó pẹ́ jù jẹ́ 412, mẹ́rin nínú 50 ò sì rí ìdáhùn rárá. Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sí pálọ̀, mo jókòó ti ráútà, mo tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n àárín di 3, èyí tó pẹ́ jù di 9, kò sí èyí tó sọnù. Ọ̀rọ̀ ti fara hàn: Wái-Fái kò dé yàrá mi dáadáa. Mo tún tẹ èyí, tó máa ń fi agbára sígínà hàn níwájú `Signal`:

```
netsh wlan show interfaces
```

Nínú yàrá mi, 38% ni. Ògiri bílọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín wa, ráútà sì wà nílẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí sígínà tí kò lágbára ń ṣe. Tí ráútà bá ń bá ẹ̀rọ tó jìnnà sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń bá arúgbó tí etí rẹ̀ ti di sọ̀rọ̀. Á rọra máa sọ ọ́, tí arúgbó ò bá gbọ́, á tún un sọ. Ohun tó yẹ kó gba mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta á gba 50, nígbà míì á gba 400. Ní 400, àwòrán bíi 24 ti pẹ́. Ó tún ku ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: lórí Wái-Fái, ẹnìkan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ráútà bá ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún láàpútọ́ọ̀pù mi, fóònù ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pálọ̀ ń dúró ni, bó tilẹ̀ wà nítòsí ráútà. Nítorí náà, òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí. Géèmù tí mò ń gbá láti yàrá tó jìn ń fa kíláàsì wọn sẹ́yìn lóòótọ́.

Mo gbé ráútà lọ sí àárín kọ́rídọ̀. Wái-Fái dé yàrá mi dáadáa, ṣùgbọ́n géèmù ò dáa sí i! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ráútà wa máa ń lo káàdì síìmù bíi ti fóònù, òun náà gbọ́dọ̀ rí sígínà gbà láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ó ń fún wa ní 18 mẹ́gábíìtì ní sẹ́kọ́ńdì. Ní àárín kọ́rídọ̀, ó lọ sílẹ̀ sí 7, bẹ́ẹ̀ sì ni géèmù ń béèrè 10. Mo ti tún ọ̀nà kìíní ṣe, mo wá ba ìkejì jẹ́. Ẹni tó bá ń lo irú ráútà yìí gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ̀nà méjèèjì lẹ́yìn tó bá gbé e síbòmíràn.

Níkẹyìn, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó wà ní ìparí kọ́rídọ̀, tó kọjú sí òpó. Ó rí 17 mẹ́gábíìtì gbà níbẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì kù láàárín òun àti yàrá mi. Ìpè sí ráútà wá di 5 ní ìwọ̀n àárín, èyí tó pẹ́ jù di 31, kò sí èyí tó sọnù. Mo gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán yẹn, àwòrán ń yọ́ bí òróró.

Ẹ̀yin tí ráútà yín ní orúkọ Wái-Fái méjì, ọ̀kan 2.4, èkejì 5, ẹ mọ̀ pé 5 máa ń yára jù, ráútà àwọn aládùúgbò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, àmọ́ ògiri máa ń tètè mú un. Tí ẹ bá wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ lo 5. Tí ògiri bá pọ̀ láàárín, ẹ wọ̀n méjèèjì wò. Okùn tí wọ́n ń fi láàpútọ́ọ̀pù so mọ́ ráútà dára ju méjèèjì lọ, tí ẹ bá ní in.

Ẹjọ́ kejì: aago mẹ́jọ alẹ́

Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, géèmù tún kọsẹ̀. Inú mi ru. Mo dìde kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo wá ní kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ìpè sí ráútà ṣì jẹ́ 5. Wái-Fái kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìpè síta, tó jẹ́ 60 mílísẹ́kọ́ńdì ní ọ̀sán, ti di 740!

Irú èyí kì í ṣe ti sígínà. Títò ni. Ẹ fojú inú wò ó pé o gbé ife kan péré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó wà níwájú rẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì ogójì wá. Ẹ̀rọ omi kò bàjẹ́, omi ń ṣe kòó, síbẹ̀ ife rẹ gbọ́dọ̀ dúró títí kẹ́ẹ̀gì ogójì yẹn fi máa kún. Nínú ráútà, ẹnìkan ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá, bọ́tìnì tí mo bá tẹ̀ sì ń tò sẹ́yìn rẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa Wái-Fái fóònù yín fún ìṣẹ́jú kan péré, mo fẹ́ wọ nǹkan kan." Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ìṣẹ́jú kan o, tíṣà ń ṣàlàyé lọ́wọ́." Wọ́n pa á. Mo wọ̀n ọ́n: 735. Kò yí padà! Mo ní kí wọ́n padà sí kíláàsì wọn. Mo gba fóònù Màmá wa, mo pa tiẹ̀ náà: 738. Ó wá ku fóònù kan, èyí tó wà nínú ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Fóònù èmi fúnra mi. Mo pa Wái-Fái rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: 62.

Ojú tì mí. Aago mẹ́jọ ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ nílé wa, ìgbà náà ni mo máa ń ki fóònù sí iná. Áàpù àwòrán inú rẹ̀ wà lórí ètò pé tó bá ti wà nínú ṣáàjì, tó sì rí Wái-Fái, kó máa kó gbogbo fọ́tò àti fídíò mi lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo sì ti ya fídíò eré ìje ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ẹgbẹ́ oníròyìn yìí, ó tó 900 mẹ́gábáìtì.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń gba nǹkan wọlé ní 17 mẹ́gábíìtì, àmọ́ 4 péré ló lè fi ránṣẹ́ jáde. Fi 8 lọ́nà 900, ó di 7,200 mẹ́gábíìtì. Pín in sí 4, ó di 1,800 sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹnu ọ̀nà àjáde kún dẹ́múdẹ́mú. Bọ́tìnì mi ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, ohùn ẹ̀gbọ́n mi náà sì ń gba ibẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn ìbéèrè tíṣà wọn. Fídíò mi ló dá àwa méjèèjì dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á wọ̀n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń gbé nǹkan wọlé, wọ́n á rí 17, wọ́n á ní, "Ó tó, géèmù 10 ló ń béèrè, kíláàsì ò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ." Òótọ́ ni, ó tó. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àbáwọlé la ṣírò, ẹnu ọ̀nà àjáde ló há.

Ohun tá a ṣe sí i

Mo yí ètò áàpù náà padà, kó má kó nǹkan lọ fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi ní òwúrọ̀, nígbà tí kò sí kíláàsì. Mo sì dín àwòrán géèmù kù díẹ̀ kó lè jẹ́ pé 7 mẹ́gábíìtì ló ń béèrè, kí àyè lè wà fún àwọn yòókù. Àwọn ráútà kan wà tí wọ́n ní ètò tí wọ́n kọ `QoS` tàbí `SQM` sí. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó gbé ife kọjá níwájú ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Tiwa kò ní i, torí náà àdéhùn ẹnu la fi ṣe tiwa: láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi fídíò ránṣẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí ráútà kankan kò lè tún ṣe, òun ni bí sáfà ṣe jìnnà tó. Tí sáfà géèmù rẹ bá wà ní Yúróòpù, abẹ́ òkun ni bọ́tìnì rẹ máa gbà. Okùn kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2010 láti ilẹ̀ Pọ́túgà gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń sáré nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ó máa gba 35 mílísẹ́kọ́ńdì láti lọ, 35 láti bọ̀, 70 lápapọ̀, ká tó fi ti òpó àti ti sáfà kún un. Nítorí náà, géèmù tó ń béèrè pé kí ọwọ́ yá bí mànàmáná á ṣì máa falẹ̀ díẹ̀, bí ilé rẹ tilẹ̀ wà létòlétò. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì: èyí tó jìnnà máa ń pẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà, kì í dúró kó tún fò. Tó bá ti ń dúró tó ń fò, ẹ wá a nínú ilé ná.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa fọ abọ́ títí wọ́n á fi ṣe Jáńbù tán. Mo gbà.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí

Ọ̀rẹ́ rẹ kan wọ̀n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wọn. Ìpè sí ráútà jẹ́ 4 mílísẹ́kọ́ńdì, ìpè síta jẹ́ 650. Fóònù kan nínú ilé ń fi fídíò 300 mẹ́gábáìtì ránṣẹ́, ẹnu ọ̀nà àjáde wọn sì jẹ́ 2 mẹ́gábíìtì ní sẹ́kọ́ńdì. Ọ̀nà wo ló bàjẹ́? Ìṣẹ́jú mélòó ni géèmù rẹ̀ máa fi kọsẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn. A ó lẹ ìdáhùn mọ́ pátákó ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn, SS 2